Omi ń kán sórí bọ́ọ̀dù iná: bí a ṣe ń fi ewu ibi iṣẹ́ tó alábòójútó ilé létí kí ó lè dé ibẹ̀ tààrà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ńlá kan ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí omi tó ń kán sórí bọ́ọ̀dù iná nínú sítọ̀ bébà ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo mú fóònù mi, mo sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí alábòójútó ilé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní fasílítì mánẹ́jà, pé: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Omi ń jò sí bọ́ọ̀dù iná ní sítọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.” Mo rò pé mo ti ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe, mo sì gba ilé lọ. Sítọ̀ méjì ni ó wà nínú ọgbà náà, bọ́ọ̀dù iná sì jẹ́ mẹ́rin. Oníṣẹ́ iná tí wọ́n rán wá dé ní nǹkan bí agogo méje alẹ́. Ó lọ sí sítọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn, ó ṣí bọ́ọ̀dù ibẹ̀, ó bá a ní gbígbẹ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé òun kò rí ohunkóhun. Nígbà tí a dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bírékà kan nínú bọ́ọ̀dù tí mo ń sọ ti dúdú, ike rẹ̀ ti yọ́, òórùn rẹ̀ sì ti kún gbogbo ibi tí a to bébà sí. Pé iná kò ràn mọ́ bébà lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe nítorí ohun tí mo kọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ìròyìn ewu bí ohun tí a ń kọ fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí, tó máa dé ní alẹ́, tí kò sì ní rí ẹnikẹ́ni bi. Alábòójútó ilé fúnra rẹ̀ lè mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọgbà náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò gun àkàsọ̀. Oníṣẹ́ tí ó máa rán ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yín yé, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni yóò ta látaré sí i. Ọ̀ràn omi àti bọ́ọ̀dù iná yìí ni màá fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní àkókò òjò, ó sì máa ń fi hàn kíákíá bí ìròyìn kan bá kù díẹ̀ káàtó.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ dúró níbi tí ẹsẹ̀ yín ti gbẹ, kí ẹ sì wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo òkè. Bí omi bá ti dá lábẹ́ bọ́ọ̀dù náà, ẹ má ṣe tẹ omi yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìgbálẹ̀ tàbí aṣọ ìnulẹ̀ wá síbẹ̀ láti gbá a kúrò. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù náà, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má sì fi igi tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ tì í pa, nítorí igi tí ó ti fa omi mu kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iná mànàmáná.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa, àní lọ́dọ̀ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí Nẹ́pà bá ti mú iná lọ, wọn a ní ewu ti tán, wọn a sì sún mọ́ bọ́ọ̀dù. Iná lè dé padà láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà ní ìdí jẹnẹrétọ̀ lè tan án kí ó sì yí séńjófà sí i, láìmọ̀ pé ẹnìkan ń nawọ́ sí bọ́ọ̀dù nínú sítọ̀. Èyí tó tún wá le jù nísinsìnyí ni inífátà àti bátìrì sólà: bí wọ́n bá so bọ́ọ̀dù náà mọ́ inífátà, iná ṣì wà nínú rẹ̀ bí gílóòbù gbogbo àdúgbò tilẹ̀ kú. Nítorí náà, “iná ti lọ” kì í ṣe ohun tí a fi ń dín ìkánjú ìròyìn kù. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ ni pé iná Nẹ́pà kò sí lọ́wọ́lọ́wọ́, pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, àti pé inífátà wà tàbí kò sí. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná yóò mọ̀ láti inú rẹ̀ iye ibi tí òun gbọ́dọ̀ ti pa iná kí òun tó ṣí nǹkan.

Bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ti lè pa iná gbogbo ilé náà, tí ibẹ̀ gbẹ, tí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì fún yín láṣẹ láti fọwọ́ kàn án, ẹ pa á. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá pé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí bírékà bá ti já fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e padà. Ohun kan ló já a, bí a bá sì ń gbé e padà léraléra nígbà tí omi ṣì wà nínú bọ́ọ̀dù, ojú wáyà tó ti ń gbóná ni a tún ń rán iná sí.

Bí ẹ bá rí èéfín tàbí ọwọ́ iná, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìròyìn kíkọ. Ẹ kó àwọn ènìyàn jáde, ẹ pe 112, lẹ́yìn náà ni ẹ ó pe alábòójútó ilé. Ẹ má ṣe da omi sí iná tó ń jó lára bọ́ọ̀dù. Ohun ìpaná onípáúdà tàbí èyí tó ní gáàsì kábọ́nì dáyọ́sáìdì nínú ni wọ́n ń lò fún un, ẹni tí wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó nìkan ni kí ó gbìyànjú rẹ̀.

Kí ẹ sọ bí ó ṣe kánjú tó, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀

“Kíákíá” ni ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ mọ́ nínú ìròyìn. Alábòójútó ilé tí mo bá ṣiṣẹ́ fi fóònù rẹ̀ hàn mí nígbà kan: nínú ìròyìn mọ́kànlá tó wọlé fún un lọ́sẹ̀ náà, mẹ́sàn-án ni a kọ “kíákíá” sí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó sọnù. Ó ní, “Bí gbogbo yín bá ń sáré, ta ni kí n kọ́kọ́ sáré tẹ̀lé?” Èmi náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án.

Ohun tí alábòójútó ilé lè lò ni àkókò pẹ̀lú ìdí. Àkókò mẹ́ta ni mo máa ń lò: báyìí, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, àti láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Láti mọ èyí tí ó yẹ, mo máa ń bi ara mi pé kí ni ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá dé, àti pé kí ni yóò mú un ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbójú fò. Ihò kan náà lára páànù kan náà, lókè bọ́ọ̀dù kan náà, kò kánjú bákan náà nínú oṣù kìíní tí ọyẹ́ ń mú àti nínú oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù kìíní, ẹ lè kọ “láàárín ọ̀sẹ̀ yìí”, kí ẹ sì fi kún un pé òjò lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta sí ìkẹrin. Nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ojú ọ̀run ti ṣú lápá ibì kan, “báyìí” ni.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí pẹ̀lú àpẹẹrẹ mìíràn lára bọ́ọ̀dù yìí kan náà. Bí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù bá kàn ṣí sílẹ̀ tí ìdè rẹ̀ já, tí gbogbo ibẹ̀ gbẹ, tí àwọn ènìyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù, “kí ilẹ̀ òní tó ṣú” ni màá kọ, nítorí ẹnìkan lè fi igun páálí gbá ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bírékà bá ti parẹ́, ọ̀sẹ̀ yìí tó. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń wọ inú rẹ̀ tí òjò kò sì tíì dá, kò sí ohun tí a ń rò.

Nígbà mìíràn, àmì kan á wà tí yóò sún ọ̀rọ̀ láti “òní” sí “báyìí”. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yùn-ùn bí ti kòkòrò tó há sínú àpótí, bí ẹ bá gbọ́ òórùn tó dà bí ti ẹja tó ń jóná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dáná, tàbí bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí àmì áyọ́ọ̀nù lára ike bọ́ọ̀dù, ìsopọ̀ wáyà kan ti ń gbóná nínú rẹ̀. Òórùn ẹja yẹn máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Nínú sítọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi ń bá ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ògiri wí pé ó ń yan ẹja lábẹ́ fèrèsé wa. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ gbọ́, àti òórùn tí ẹ gbọ́, kí ẹ sì ya èrò yín sọ́tọ̀. “Mo gbọ́ òórùn bí ẹja tó ń jóná” wúlò. “Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí kò mọ iṣẹ́” ń sọ ìròyìn di ẹjọ́, ẹni tí ẹ bá fi sùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwíjàre dípò tí ì bá fi wá àkàsọ̀.

Láti ẹnu géètì dé ojú ògiri

Ibí ni ìròyìn tèmi ti kú, nítorí náà n kò ní sáré níbí.

Bí a ṣe ń júwe ọ̀nà nílùú wa máa ń bá wa wọ ibi iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá béèrè ọ̀nà láti Tákìé, a ó ní kí ó lọ títí yóò fi rí alákàrà, kí ó yà sí ọ̀tún. Ó dára ní òwúrọ̀ nígbà tí alákàrà wà níbẹ̀. Nínú ilé iṣẹ́, a máa ń sọ pé “ní ibi tí Bàbá Síkiọ́ máa ń jókòó sí” tàbí “níbi tí wọ́n to bébà olómi-ewé sí”. Bàbá Síkiọ́ á lọ sílé ní agogo mẹ́rin, wọ́n sì lè lo bébà náà tán lọ́la. Ohun tí kò lè rìn ni kí ẹ fi júwe: géètì, ilẹ̀kùn, fèrèsé, òpó, àtẹ̀gùn, igun ògiri.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti géètì, nítorí ibẹ̀ ni àlejò yóò gbà wọlé. Ẹ sọ ilé tí ó jẹ́, bí ilé púpọ̀ bá sì jọ ara wọn, ẹ sọ ohun tó yà á sọ́tọ̀. Bí orúkọ kan bá wà tí ilé méjì ń jẹ́, bí “sítọ̀” ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì tún sọ èyí tí kì í ṣe òun. Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kì í ṣe” yìí ni ì bá gbà mí lóru ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ipele ilé. Nínú ilé alájà, “òkè kìíní” kò dájú. Àwọn kan ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, àwọn mìíràn kò kà á. Mo máa ń kọ iye àtẹ̀gùn tí ènìyàn yóò gùn: “ìsàlẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn tí ẹ ó gùn”, tàbí “ẹ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá”. Nọ́ńbà yàrá náà lè ṣini lọ́nà bí wọ́n bá ti kun ilé náà ní ọ̀dà tuntun. Bí nọ́ńbà àtijọ́ ṣì hàn lábẹ́ tuntun, ẹ kọ méjèèjì.

Ọ̀tún àti òsì kò ní ìtumọ̀ títí ẹ ó fi sọ ibi tí ènìyàn dúró sí àti ibi tí ó kọjú sí. Ọ̀tún ẹni tó ń wọlé ni òsì ẹni tó ń jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó lo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ẹ kọ́kọ́ fi ẹni náà dúró: “ẹ dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn irin, ẹ kọjú sínú, ògiri tó wà ní ọwọ́ òsì yín.” Fún ẹ̀yìn ilé àti òrùlé, ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dára jù: “apá òrùlé tó kọjú sí ojú ọ̀nà Ìlọrin.” Ẹni tó máa gun òrùlé kò ní máa wá ọwọ́ òsì lókè ọ̀hún.

Ti ìwọ̀n ló kù. Ẹ kò nílò tépù. Sítọ̀ wa kò ní pílásítà nínú, bí ọ̀pọ̀ sítọ̀ ṣe rí, bulọ́ọ̀kù sì ni tépù tí ó ti wà lára ògiri. Bulọ́ọ̀kù tí a ń lò lọ́dọ̀ wa sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 22 àbọ̀. Bí a bá fi símẹ́ǹtì àárín wọn kún un, ìlà mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà kan, bulọ́ọ̀kù méjì ní ìbú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà kan. Mo ka bulọ́ọ̀kù 13 láti ilẹ̀kùn dé ibi tí bọ́ọ̀dù wà, ó jẹ́ mítà mẹ́fà. Mo ka ìlà mẹ́fà láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, ó jẹ́ mítà kan àbọ̀. Ọ̀kánkán ni mo dúró tí mo fi kà á, n kò sún mọ́ ọn. Bí ògiri bá ní pílásítà, ẹ ka táìlì ilẹ̀ tàbí fèrèsé: “láàárín fèrèsé kejì àti ìkẹta.”

Ibi méjì sì ni ìròyìn omi máa ń ní. Ọ̀kan ni ibi tí omi ń kán sí, èkejì ni ibi tí ó ti ń wọlé. Omi kì í sábà sọ̀kalẹ̀ lóòró. Ó lè wọlé níbi ìṣó kan tó ti là lára páànù, kí ó tẹ̀ lé igi òrùlé lọ, kí ó wọ inú páìpù tí wáyà gbà, kí ó sì jáde nínú bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí ihò náà. Bí ẹ kò bá rí ibi tó ti ń wọlé, ẹ kọ pé ẹ kò rí i. Bí ẹ bá rí ọ̀nà tó gbà, àní díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́, nítorí yóò sọ fún alábòójútó ilé bóyá oníṣẹ́ iná nìkan ni òun máa rán, tàbí òun máa rán kápẹ́ńtà pẹ̀lú.

Ẹ pè é ná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé

Ewu tí ẹ pè ní “báyìí” kò gbọdọ̀ wà nínú wásáàpù nìkan. Ẹ pè é. Bí kò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pe igbákejì rẹ̀, ẹ pe ẹni tó wà ní géètì, kí ẹ sì máa pè é padà láàárín.

Ìkíni máa ń dí wa lọ́wọ́ níbí. Ọ̀dọ́ tó bá pe àgbà tí kò kí i dáadáa ti bọ́ lójú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè àlàáfíà ilé, ti àwọn ọmọ àti ti iṣẹ́, ìṣẹ́jú kan ti lọ, ohùn wa á sì ti rọlẹ̀ débi pé ohun tí a fẹ́ sọ kò ní dà bí ewu mọ́. Èyí tí mo ń lò báyìí, tí kò tíì bí àgbà kankan nínú, rí báyìí: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ewu ni. Omi ń wọ bọ́ọ̀dù iná nọ́ńbà 3 ní sítọ̀ bébà tuntun, kì í ṣe sítọ̀ àtijọ́. Kò sí ẹni tó farapa. Ó yẹ kí oníṣẹ́ iná dé báyìí, nítorí òjò kò tíì dá.” Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dákẹ́. Bí ó bá tún un sọ fún mi, mo ń tẹ́tí sí bóyá ó sọ “tuntun” tàbí ó kàn sọ “sítọ̀”. Bí ó bá kàn sọ “sítọ̀”, màá tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú. “Ó jọ bí ẹni pé omi díẹ̀ ń ṣe bọ́ọ̀dù yẹn sà” jẹ́ ọ̀nà tí ọmọlúàbí ń gbà sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yóò jẹun tán kó tó dìde. Ẹ fi “sà” àti “ẹ” bu ọlá fún un, kí ẹ sì fi ewu náà sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ìwé tó máa tẹ̀ lé ìpè náà ni yóò dé ọwọ́ oníṣẹ́. Èyí ni mo ì bá ti kọ lọ́jọ́ náà:

“EWU INÁ. Kí oníṣẹ́ iná dé báyìí.
Omi òjò ń wọ inú bọ́ọ̀dù iná láti òkè. Mo rí i ní agogo 4:40 ìrọ̀lẹ́ òní. Òjò ṣì ń rọ̀.
Ibi tó wà: sítọ̀ bébà tuntun, kì í ṣe sítọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Ẹ gba géètì ńlá wọlé, ilé kejì ní ọwọ́ ọ̀tún, ìsàlẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn. Ẹ dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn irin, ẹ kọjú sínú: ògiri ọwọ́ òsì, nǹkan bí mítà 6 sí ilẹ̀kùn, mítà kan àbọ̀ sókè. Nọ́ńbà 3 ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sójú rẹ̀.
Omi ń bá páìpù wáyà sọ̀kalẹ̀ láti igun òrùlé tó kọjú sí ojú ọ̀nà. N kò rí ihò tó gbà wọlé.
Omi ti dá lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀ tó ojú ilẹ̀kùn kan. Bébà wà ní mítà 2 sí i. Mo gbọ́ ìró yùn-ùn. N kò rí èéfín.
Nẹ́pà kò sí. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sí inífátà lórí ilé yìí. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.
A ti kó ènìyàn jáde, a fi àga dí ẹnu ọ̀nà. Mo wà ní ẹnu ilẹ̀kùn títí di agogo 5. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ bi ẹni tó wà ní géètì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Bí ó tilẹ̀ gùn, gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ènìyàn lè kọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí ni ìlà tó kẹ́yìn. Oníṣẹ́ tó dé tí kò rí kọ́kọ́rọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò dé.

Àwòrán mẹ́ta tó. Kí ẹ ya àkọ́kọ́ láti ìta, kí ilé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn. Kí ẹ ya èkejì láti ẹnu ilẹ̀kùn, kí gbogbo ògiri náà hàn. Kí ẹ fi súúmù fóònù ya ìkẹta láti ibi tí ẹ dúró sí, kí nọ́ńbà bọ́ọ̀dù hàn. Àwòrán ìkẹta yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́, gbogbo bọ́ọ̀dù iná ní ayé sì jọra bí ẹ bá yà wọ́n láti ìtòsí. Bí àwòrán kò bá mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ibẹ̀ láti tún un yà.

Títí wọn yóò fi dé, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ẹ fi nǹkan dí ọ̀nà, kí ẹ sì fi ènìyàn síbẹ̀. Ìwé tí a kọ “Ẹ má wọlé” sí lè já bọ́ lára ilẹ̀kùn tó tutù. Ẹ sọ fún ẹni tó wà ní ìdí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ pé iná kò gbọdọ̀ wọ ilé náà, nítorí òun kì í sí nínú ẹgbẹ́ wásáàpù ọ́fíìsì. Bí àkókò iṣẹ́ yín bá parí kí wọ́n tó dé, ẹ fa ọ̀rọ̀ náà lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí i láti ibẹ̀. Mo lọ sílé láìṣe èyí. Ẹni tó wà ní géètì ni ó ṣílẹ̀kùn sítọ̀ àtijọ́ fún oníṣẹ́ iná. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ti iwájú ni.

Fún ewu “báyìí”, mo máa ń fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti sọ ẹni tó ń bọ̀ àti ìgbà tí yóò dé. Bí èsì kò bá dé, mo máa ń pe ẹni tó wà lókè alábòójútó ilé, mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún alábòójútó náà pé mo fẹ́ pè é, kí ó má bàa dà bí ẹni pé mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí kì í ṣe òfin. Ibi iṣẹ́ yín lè ní tirẹ̀.

Ìròyìn yìí sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti farapa. Bí ẹnìkan bá ti farapa lẹ́nu iṣẹ́, òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ náà ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Ẹ kọ èyí lọ́tọ̀, ẹ má ṣe fi bọ inú ìròyìn bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí wọ́n bá sọ pé “a ti ṣe é”, ẹ bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n pààrọ̀ bírékà tó yọ́, wọ́n nu inú bọ́ọ̀dù gbẹ, wọ́n sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Oníṣẹ́ iná ti ṣe tirẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó gun òrùlé, nítorí ìròyìn mi kò mẹ́nu kan òrùlé. Ọjọ́ kẹrin ni òjò tún rọ̀, omi sì tún gba páìpù kan náà wá. Mo kọ ìròyìn kejì nígbà náà, mo pe nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bírékà ti di tuntun ṣùgbọ́n ibi tí omi ń gbà wọlé ṣì wà. Kápẹ́ńtà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìṣó mẹ́ta ló ti là lára páànù, ó sì jìnnà sí bọ́ọ̀dù náà tó mítà mẹ́rin. Oníṣẹ́ iná padà wá, ó fi rọ́bà dí ẹnu ibi tí páìpù gbà wọ bọ́ọ̀dù láti òkè, ó sì sọ fún wa pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti mú wáyà wọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A dúró de òjò tó tẹ̀ lé e. Mo dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn irin, mo kọjú sínú, mo wo ògiri ọwọ́ òsì fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó gbẹ, mo sì kọ̀wé sí alábòójútó ilé pé kí ó pa ìròyìn náà dé.